Iṣẹ́ Tí A Ti Dúpẹ́ Fún

Ẹnu mi ló kọ́kọ́ ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé àwọn gbájúẹ̀ nìkan ló jẹ̀bi.

Orúkọ mi ni Kọ́láwọlé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nílùú Ọ̀yọ́, kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Àwọn ọmọ tó ń wáṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi, pàápàá àwọn tó ń wá irú iṣẹ́ téèyàn lè jókòó sílé máa ṣe fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun. Ó ti lé lọ́dún mẹ́fà tí mo ti ń bá wọn tẹ ìwé, tí mo sì ń bá wọn yẹ lẹ́tà tí wọ́n bá rí gbà wò. Ayédèrú lẹ́tà tí mo ti rí, ká ní mo ń kó wọn jọ ni, wọ́n á kún àpò ìrẹsì. Mo mọ̀ wọ́n débi pé mo lè tibi ìkíni mọ èyí tó jẹ́ irọ́. Ìmọ̀ yẹn ló gùn mí lórí.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Ẹ̀yẹolúwa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó ti jáde yunifásítì, ó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, ó sì ti wáṣẹ́ fún ọdún méjì gbáko. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi, ó sì rọra sọ pé, "Áńkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí."

Kò sọ ọ́ sókè torí èèyàn wà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo sọ ọ́ sókè. Mo ka lẹ́tà náà ketekete fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, mo ka ibi tí wọ́n ti ní kó san owó fọ́ọ̀mù, mo wá ní, "Ẹ wá wo gírádúétì o! Wọ́n fẹ́ jà á lólè lójú ẹ̀, ó sì ń bi mí bóyá kóun gbé àpò dání fún wọn!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wa rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó sì wọkọ̀ padà sílé. Mo rò pé mo ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Tèmi ti fọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mi ò tiẹ̀ wolẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Comfort, pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ń jó.

"Kọ́lá, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, Ògbómọ̀ṣọ́ lo ti máa jọ́sìn o. Ọlọ́run ti ṣe é. Ọmọ ẹ ti ríṣẹ́!"

"Ẹ kú oríire, Àǹtí mi. Irú iṣẹ́ wo ni?"

"Iṣẹ́ òyìnbó. Yàrá rẹ̀ níbí ni yóò ti máa ṣe é."

Mo ní, "Ẹ ní kó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi kí n wò ó."

"Ó ní kí n má tiẹ̀ sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀. Ó ní wàá tún fi òun ṣẹ̀sín. Kọ́lá, ṣáà máa bọ̀."

Mo fi ìtìjú gba ọ̀rọ̀ náà, mi ò bi í léèrè mọ́.

Bí ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń ṣe é rèé. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ ẹ̀rí. Ẹni tí Ọlọ́run bá ṣe lóore yóò ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ ní Ọjọ́bọ̀, wọn yóò kọ orúkọ náà sínú ìwé ètò ìsìn, gbogbo mọ̀lẹ́bí yóò sì jó tẹ̀ lé e lọ síwájú. Bí orúkọ bá ti wọnú ìwé ètò, kò ṣeé yọ mọ́, àfi bí ẹni náà bá kú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í dá ọ̀rọ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Alelúyà nìkan ni èsì tó wà fún ẹ̀rí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa bẹ́ẹ̀, mi ò sì ro ó rí pé ó lè pa èèyàn lára.

Ẹ̀yẹolúwa dúró níwájú lọ́jọ́ náà nínú aṣọ àlàárì ìyá rẹ̀, ó di máìkì mú. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun ti gba òun láti máa tẹ orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà wọn sínú kọ̀ǹpútà. Dọ́là márùndínlógójì ni wọn yóò máa san ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìjọ hó yèè. Ó ní orí Telegram ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá òun lẹ́nu wò, kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi gba òun. Ìjọ tún hó. Ó ní wọ́n ti fi láptọ́ọ̀pù ránṣẹ́, owó ìgbẹ́rù jáde ní kọ́sítọ́ọ̀mù nìkan ni òun ti san, wọn yóò sì dá a padà pẹ̀lú owó oṣù àkọ́kọ́.

Ta ló ń san dọ́là márùndínlógójì ní wákàtí kan fún ẹni tó ń tẹ orúkọ? Ta ló ń gbani síṣẹ́ láìrójú, láìgbóhùn, tó jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀? Agbanisíṣẹ́ wo ló ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà? Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kẹta, fìlà mi wà lórí itan mi, mo sì mọ̀ bí mo ṣe mọ orúkọ mi pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Mo wo pásítọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo wo Àǹtí Comfort tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, opó tó ti fi títa ẹ̀wà àti gàrí rán ọmọ yẹn níwèé. Báwo lèèyàn ṣe máa dìde láàárín ìyẹn? Mo sọ fún ara mi pé bí ìsìn bá parí, màá pe ọmọ náà sí kọ̀rọ̀. Ṣebí mo ti fi í ṣẹ̀sín ní gbangba rí, mi ò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ bí ọkàn èèyàn ṣe ń sọ ojo di ìwà pẹ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n dá orin ìdúpẹ́, mo dìde, mo bá wọn jó lọ síwájú, mo sì ju owó sínú àpótí.

A délé, a jẹ ìrẹsì tán. Mo wá pe Ẹ̀yẹolúwa wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì rẹ ohùn mi sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, fi lẹ́tà yẹn hàn mí. Mi ò ní bú ẹ."

Ó gbé fóònù fún mi láìjiyàn. Àmì ilé-iṣẹ́ gidi kan wà lórí lẹ́tà náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n fi kọ̀wé kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n kàn so ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ni. Mo yẹ ọjọ́ tí wọ́n forúkọ àdírẹ́sì yẹn sílẹ̀ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré sẹ́yìn ni. Mo lọ sójú ewé ilé-iṣẹ́ gidi náà fúnra rẹ̀, ibi tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ tó ṣí sílẹ̀ sí, kò sí iṣẹ́ kankan tó jọ ọ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún náírà ló ti san, orúkọ obìnrin kan lásán ló sì wà lórí àkáǹtì tó san án sí.

"Wọ́n tún ti béèrè òmíràn, àbí?" Mo bi í.

"Ní ìrọ̀lẹ́ àná. Wọ́n ní owó adójútòfò. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì."

Ó wolẹ̀. "Áńkù, mo ti mọ̀ látàná. Bí mo ṣe rí i pé wọ́n tún ń béèrè, inú mi ti sọ fún mi."

"Kí ló wá dé tó o fi jẹ́rìí?"

"Orúkọ mi ti wà nínú ìwé ètò. Màmá ti ra páálí bísíkíìtì àti ohun mímu tá a máa pín. Wọ́n ti pè yín láti Ọ̀yọ́. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?" Ó gbójú sókè wò mí. "Ẹ̀yin?"

Bí ẹni gbá mi létí ni. A gbọ́ ohùn ní pálọ̀, a sì jáde. Ọlọ́runnísọ̀lá ló wọlé wá kí wa kú oríire.

Ọmọ ìjọ wa ni, ó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan láàárọ̀, ó sì ń gun ọ̀kadà nírọ̀lẹ́, torí owó oṣù tíṣà kò tó owó oúnjẹ. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọmọ rere! Sista ló fi líǹkì ibi tí wọ́n ti ń gbani ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn òyìnbó yẹn ní kí wọ́n mú èèyàn mẹ́ta wá. Wọ́n ti gba èmi náà!"

Ẹ̀yẹolúwa ti fara ti ògiri. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò tíì san nǹkan kan, àbí? Lọ́jọ́ Ẹtì ẹ ní ẹ ṣì ń rò ó."

"Mo ń rò ó nígbà yẹn. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo bí tiyín ṣe máa rí. Ṣùgbọ́n nígbà tẹ́ ẹ jẹ́rìí lónìí, ẹ̀rù mi tán. Níbi tí mo jókòó sí náà ni mo ti san án!" Ó fi rìsíìtì hàn wá lórí fóònù. Owó àgbàdo tó kórè lóko bàbá rẹ̀ ní Ìkòyí-Ilé ni, ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínláàádọ́rùn-ún náà.

Mo wo aago tó wà lórí rìsíìtì náà. Agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Àsìkò yẹn gan-an la dá orin ìdúpẹ́, tí mo dìde tí mo ń jó.

Èmi ni mo sọ òtítọ́ fún un. Kò bínú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní mo ń ṣàwàdà. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ẹ̀yẹolúwa, ó sì rí i lójú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ bí ọmọdé. Àǹtí Comfort wọlé láti ilé ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, èmi ló sì kọjú ìjà sí.

"Kọ́lá, ẹnu ẹ burú! Láti kékeré lẹnu ẹ ti burú! Ohun tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ fún ní ilé Ọlọ́run lo wá ń pè ní olè yìí?"

A pe báǹkì lójú ẹsẹ̀, torí bí wọ́n bá tètè gbọ́, wọ́n lè ti àkáǹtì tó gbowó náà pa. Wọ́n tì í lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Mọ́ńdè tí a débẹ̀, wọ́n ní àwọn olè náà ti kó owó lọ ṣáájú. Náírà díẹ̀ ló ṣẹ́kù, kò tó ra ẹyọ iṣu kan. Ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé ká máa retí. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Láti ìgbà náà, Ọlọ́runnísọ̀lá kò gbé ìpè wa mọ́. Bó bá gbé ọ̀kadà kọjá níwájú ilé Àǹtí Comfort, iwájú ló ń wò. Mo dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì jọ, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ó dá a padà.

Lọ́sẹ̀ kẹta, Ẹ̀yẹolúwa tún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dúró títí tí oníbàárà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ fi lọ kó tó na fóònù sí mi. Ẹnì kan ló kọ̀wé sí i, ó pe ara rẹ̀ ní àjẹ́ǹtì ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì gba owó wọn padà. Ó mọ iye tó san, ó mọ ọjọ́ tó san án. Ó ní òun ti rí owó náà gbà, pẹ̀lú owó ìtanràn mílíọ̀nù kan lé e, kó san igba ẹgbẹ̀rún náírà kí òun fi tú u sílẹ̀.

"Kí lo rò?" Mo bi í. Mi ò ka nǹkan kan sókè.

"Àwọn kan náà ni," ó ní. "Ta ló tún mọ iye tí mo san, bí kò ṣe ẹni tó gbà á? Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí nǹkan ń dùn á tún san."

"Òótọ́ lo sọ." Kò sẹ́ni tó lè fi gbólóhùn kan kún un.

Ká ní a gbọ́n, ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ la ò bá gbà lọ́jọ́ náà ká lọ sọ fún Ọlọ́runnísọ̀lá. A pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. A kọ̀wé sí i, kò ṣí i. A wá ní ó ti fi tàkọ́kọ́ kọ́gbọ́n, a fi í sílẹ̀.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tún pé. Mo lọ jọ́sìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí Àǹtí Comfort tó ní ojú ń ti òun àti ọmọ òun láti dá jókòó. Èmi, òun àti Ẹ̀yẹolúwa jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mo ṣí ìwé ètò ìsìn. Orúkọ kejì lábẹ́ ẹ̀rí ni ti Ọlọ́runnísọ̀lá.

Ó bọ́ síwájú nínú aṣọ funfun, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, gbogbo yín lẹ gbọ́ ohun tí ọ̀tá ṣe fún mi lóṣù tó kọjá. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Owó mi ti jáde, pẹ̀lú owó ìtanràn tabua! Àjẹ́ǹtì kan ti bá mi rí i gbà, mo ti fojú mi rí i lórí fóònù. Owó ìtúsílẹ̀ díẹ̀ ló kù. Ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kadà mi ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, bí mo bá ti san án, tèmi dé nìyẹn!"

"Alelúyà!" Ìjọ hó.

Ọ̀kadà yẹn ni oúnjẹ alẹ́ àwọn ọmọ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo wo pásítọ̀. Mo wo akọrin tí wọ́n ti dìde láti dárin. Fìlà mi wà lórí itan mi, ọwọ́ mi sì wà lórí fìlà. Mo ní bí ìsìn bá parí, màá sáré bá a níta. Mo búra fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ohun tí mo rò gan-an nìyẹn, lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbọ́ tí bẹ́ǹṣì dún. Ẹ̀yẹolúwa ti dìde.

"Irọ́ ni," ó ní.

Àǹtí Comfort di etí aṣọ rẹ̀ mú, ó ń fà á kó jókòó. Ọmọ náà já a gbà, ó bọ́ sí àárín ọ̀nà.

"Bọ̀dá, ẹ má ta ọ̀kadà yín. Wọ́n kọ̀wé sí èmi náà. Àwọn tó gba tàkọ́kọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ fún yín lówó yín, ẹ ò ní kọ́kọ́ fún un lówó!"

Pásítọ̀ ní, "Arábìnrin, jókòó. Ẹnu ẹ̀rí la wà."

"Ẹ̀rí lèmi náà ń jẹ́, sà! Mo dúró níbẹ̀ yẹn lóṣù tó kọjá. Mo ti mọ̀ pé irọ́ ni kí n tó di máìkì mú. Ojú ló tì mí. Mo parọ́ nínú ilé Ọlọ́run, Bọ̀dá Ọlọ́runnísọ̀lá sì fi irọ́ mi sanwó!"

Ẹnì kan pòṣé. Ẹnì kan ní àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú rèé. Olórí akọrin bá dá orin kí ohùn rẹ̀ má baà jáde mọ́, ìjọ sì gbè é. Ẹ̀yẹolúwa ń pariwo sáàárín orin náà, "Ẹ má tà á! Ẹ má tà á!"

Ọlọ́runnísọ̀lá yọ fóònù lápò, ó wò ó, ó tún wo Ẹ̀yẹolúwa. Lẹ́yìn náà ó fi máìkì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó kéré jù mú, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ tó kù gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Orin ń dùn lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣáná sí ọ̀kadà níta, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Kò tíì tà á.

Ẹ̀yẹolúwa tẹ̀ lé wọn jáde. Kò sẹ́ni tó ṣí lọ́nà fún un, ó fi èjìká la èèyàn kọjá. Àwọn tó jó fún un lóṣù tó kọjá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èmi ṣì jókòó. Èmi tí mo mọ ayédèrú lẹ́tà láti ibi ìkíni, tí mo ti fi ọmọ yẹn ṣẹ̀sín lójú gbogbo ayé, mi ò tíì lè gbé ìdí kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Àǹtí Comfort nu ojú rẹ̀, ó fẹnu sí mi létí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́.

"Kọ́lá, ìwọ mọ̀ ọ́n lóṣù tó kọjá, o tún mọ̀ ọ́n lónìí. Kí ló dé tó jẹ́ ọmọ mi ló dìde?"

Wọ́n ń gbé àpótí ọrẹ bọ̀, mo sì na ọwọ́ sápò.